Owó ibodè lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀: nọ́ńbà wo ló tọ́ sí èwo?

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà tó ti ń kó ẹrù wọlé. Mo fẹ́ kó láptọ́ọ̀pù, dẹ́sítọ́ọ̀pù àti mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ díẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Mo ṣí ìwé owó ibodè, n ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ajẹ́ńtì mi ní kí n kàn kọ 'ohun èlò tòkunbọ̀' sí gbogbo rẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé owó ibodè tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS jọ ń lò, tí Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2015, kò sí ìlà kankan tó ń jẹ́ "ohun èlò tòkunbọ̀". Orí ìlà kan náà ni láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́rin àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wà. Ohun tí nǹkan náà jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe ni ìwé náà ń béèrè. Iye owó tí ẹ bá kọ fún un ni yóò fi hàn pé ó ti pẹ́. Ajẹ́ńtì kan kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sórí ẹrù mi nígbà kan. Nígbà tí wọ́n ṣí kọ̀ǹténà, tẹlifíṣọ̀n mélòó kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni aṣọ́bodè kọ́kọ́ rí, ó sì fi owó tẹlifíṣọ̀n lé gbogbo ẹrù náà. A ṣàlàyé títí, owó ìgbẹ́rùsí sì ń gorí ara wọn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè tọ́ka sí nínú ìwé mi, nítorí pé ìwé náà kò dárúkọ ohun kankan.

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà jẹ́ díjíìtì mẹ́wàá. Mẹ́fà àkọ́kọ́ kan náà ni kárí ayé, nítorí náà ó yẹ kí èyí tó wà lórí ìwé ẹni tó ta ọjà fún yín ní Lọ́ńdọ̀nù bá tiyín mu. Mẹ́rin tó kù ni ti agbègbè wa àti ti Nàìjíríà. Orí 84 àti orí 85 nìkan ló kan irú ọjà yín jù, ẹ lè yọ ìlà díẹ̀ nínú wọn sórí ewé pépà kan. Láptọ́ọ̀pù tí kò wúwo ju kílò mẹ́wàá lọ wà ní 8471.30. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tó jẹ́ àpótí rẹ̀ nìkan wà ní 8471.50. Ṣájà tó bá láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n páálí ṣájà tí ẹ rà lọ́tọ̀ ní ìlà tirẹ̀ ní 8504.40.

Àwọn tó ń ta ọjà níbẹ̀ sábà máa ń yọ háàdì dísìkì kúrò nínú láptọ́ọ̀pù kí àṣírí ẹni tó lò ó má baà tú. Àwọn ajẹ́ńtì kan á ní kí ẹ kọ irú èyí sílẹ̀ bí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà kejì nínú ìlànà mẹ́fà tí wọ́n fi ń túmọ̀ ìwé náà sọ pé ohun tí kò tíì pé, ṣùgbọ́n tí ìrísí àti ìṣesí rẹ̀ ti fi irú ohun tó jẹ́ hàn, inú ìlà odindi ló ń lọ. Láptọ́ọ̀pù ṣì ni.

Mọ́nítọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí pé òun àti tẹlifíṣọ̀n jọra lójú. Èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà, tí kò ní ohun tó ń gba ìgbì tẹlifíṣọ̀n nínú, wà ní 8528.52. Bí ohun tó ń gba ìgbì bá ti wà nínú rẹ̀, 8528.72 ni, kódà bí ẹni tó tà á fún yín kò bá fi ṣe nǹkan mìíràn ju mọ́nítọ̀ lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ẹ wá ihò róbótó kékeré tí wọ́n ń ki wáyà áńtẹ́nà bọ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ihò HDMI tàbí VGA kò fi nǹkan kan hàn, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n náà ní wọn.

Nígbà tí àpótí dẹ́sítọ́ọ̀pù, kíbọ́ọ̀dù àti mọ́nítọ̀ bá jọ wọlé pọ̀, odindi ètò kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n, 8471.49 sì ni nọ́ńbà wọn. Ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá kó àpótí 30, kíbọ́ọ̀dù 30 àti mọ́nítọ̀ 50, 30 ni yóò di odindi ètò, mọ́nítọ̀ 20 tó ṣẹ́kù á sì padà sí 8528.52. Ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìwé ọjà yín.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àṣìpè tẹlifíṣọ̀n lè náni. Ká ní owó ọjà, owó ọkọ̀ òkun àti owó adójútòfò, èyí tí wọ́n ń pè ní CIF, jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà. Bí iye tó wà níwájú nọ́ńbà yín bá jẹ́ 5 nínú 100, owó ibodè jẹ́ ₦500,000. VAT, tó jẹ́ 7.5 nínú 100, á wá gorí CIF àti owó ibodè papọ̀, ìyẹn ₦787,500. Àpapọ̀ jẹ́ ₦1,287,500. Ẹ gbé ẹrù kan náà sí 20 nínú 100, tó jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n: owó ibodè di mílíọ̀nù 2, VAT di ₦900,000, àpapọ̀ sì di ₦2,900,000. Àwọn owó kéékèèké mìíràn wà lórí ìwọ̀nyí, bíi ti ECOWAS tó jẹ́ ìdajì náírà lórí ₦100 CIF. Wọ́n ti ń yí díẹ̀ nínú wọn padà láti ọdún 2023, nítorí náà iye tó wà lórí PAAR yín, ìwé tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń sọ owó tí ẹ máa san kí ẹrù tó dé, ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé ti ẹlòmíràn.

Èyí tó ti kú ńkọ́? Láti ọdún 2022 ni ìwé náà ti ní ìlà 85.49 fún pàǹtírí ẹ̀rọ iná. Ohun méjì ló ń sọ ẹ̀rọ di pàǹtírí níbẹ̀: kí ó ti bàjẹ́ débi tí kò wúlò mọ́ tàbí tí àtúnṣe rẹ̀ kò bá owó mu, kí wọ́n sì tún dì í lọ́nà tí kò dáàbò bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n dà sínú àpò láìsí nǹkan láàárín wọn ti fi ẹsẹ̀ kan wọ ibẹ̀ ná, kódà kí aṣọ́bodè tó tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iye owó sì kọ́ ni èyí mọ́, nítorí pé láti oṣù kìíní ọdún 2025, àdéhùn Basel, tó jẹ́ ti àgbáyé lórí pàǹtírí eléwu, kò gba kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè kan láìjẹ́ pé ibi tó ń lọ ti gbà á. Ẹ tan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ fi fóòmù sáàárín wọn, kí ẹ sì ti gba ìwé àṣẹ NESREA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń mójú tó àyíká, kí ẹrù tó gbéra. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù tòkunbọ̀ wà lára ohun tí Nàìjíríà kà léèwọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan há àárín ẹrù yín.

Láti orí Form M, fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń kéde ọjà ní báńkì kí ẹ tó kó o wọlé, ni nọ́ńbà tí ẹ yàn ti ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ọjà. Bí ohun kan bá rú yín lójú gan-an, òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ọdún 2023 fún yín láyè láti béèrè ìpinnu wọn lórí nọ́ńbà kí ọjà tó dé. Bí PAAR bá sì jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tó yàtọ̀ sí tiyín, ẹ kọ̀wé ta kò ó kí ẹ tó san owó, kí ẹ fi fọ́tò ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ náà àti ìwé àlàyé ilé iṣẹ́ tó ṣe é tì í.