Fọ́tò Márùn-ún Lókè Àga Pálọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò márùn-ún ni mo fẹ́ gbé kọ́ lókè àga ẹlẹ́ni mẹ́ta tó wà ní pálọ̀ wa. Ti bàbá bàbá mi ló tóbi jù, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 20, gíga rẹ̀ 24. Méjì jẹ́ 10 sí 12, ìyẹn ìbú 10, gíga 12, méjì tó kù jẹ́ 8 sí 10 bákan náà. Mo ti kọ́kọ́ tò wọ́n ní ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ àjà bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, àmọ́ kò wù mí. Ó dà bíi pé wọ́n ń sá fún àga. Báwo ni kí n ṣe é tí mi ò ní máa dá ihò sára ògiri kiri?

Ìdáhùn: Ẹ má bínú sí àwọn ará ilé o, ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà yẹn nídìí. Fọ́tò àwọn àgbà kì í lẹ̀ mọ́ ògiri. Okùn ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìsàlẹ̀ férémù á fara ti ògiri, orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, bàbá inú àwòrán á sì máa wo ẹni tó jókòó sórí àga. Férémù tí à ń ṣe báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ eléyín bíi ti ayùn la máa ń kàn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, ara ògiri ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ lọ sábẹ́ àjà, iná gílóòbù lẹ ó máa rí nínú gíláàsì, ẹ ò ní rí bàbá.

Ínṣì 57 láti ilẹ̀ ni àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń lò, nítorí ibẹ̀ ni ojú ẹni tó dúró máa ń bà láìgbé orí sókè. Àmọ́ àárín àwòrán ni ínṣì 57 yẹn ń sọ. Kì í ṣe orí rẹ̀, kì í sì í ṣe ìṣó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á wọn ínṣì 57, wọ́n á kan ìṣó síbẹ̀, àwòrán ńlá á wá rọ̀ sílẹ̀ títí á fi máa fi ara kan orí àga. Bí àwòrán bá sì pọ̀ tó ti yín, ẹ ka gbogbo wọn sí àwòrán ńlá kan ṣoṣo, kí ẹ wá àárín gbogbo rẹ̀ lápapọ̀.

Ohun tó wà lábẹ́ wọn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti orí ẹ̀yìn àga dé ìsàlẹ̀ férémù, ínṣì 6 sí 8 ló dára. Bó bá ju ìyẹn lọ dáadáa, àga àti àwòrán kò ní bára wọn ṣe mọ́, ohun tí ẹ sì rí nìyẹn tí ẹ fi ní wọ́n ń sá. Bó bá kéré sí i, orí àlejò á máa gbá férémù. Ìbú àkójọ náà kò sì gbọdọ̀ ju ti àga lọ. Bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló máa ń dùn ún wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ti yín ṣe é. Ẹ ò sọ bí àga yín ṣe tó, nítorí náà màá mú un pé ó gùn ní ínṣì 66, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga ní 37. Ẹ gbé bàbá sí apá òsì. Ẹ fi ínṣì 2 sílẹ̀, kí ẹ to mẹ́rin tó kù sí apá ọ̀tún, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Lókè, ẹ kọ́kọ́ fi 10 sí 12, kí 8 sí 10 tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀, ẹ yí i padà: 8 sí 10 ni kó ṣáájú. Gbogbo wọn ló máa wà ní òró, ínṣì 2 ni kó sì wà láàárín èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn àti èyí tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ara wọn, igun àwọn 10 sí 12 méjèèjì nìkan ló máa pàdé láàárín. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Lókè, 10 àti 2 àti 8 jẹ́ 20. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, 12 àti 2 àti 10 jẹ́ 24. Àwọn mẹ́rin yẹn para pọ̀ gba ààyè kan náà tí bàbá nìkan gbà! Ìdí nìyẹn tí apá kan kò fi ní wúwo lójú ju èkejì lọ. Bí fọ́tò bàbá bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí àwọn yòókù sì jẹ́ aláràbarà, ẹ lo férémù aláwọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, kí wọ́n lè jọ ọmọ ìyá.

Ìbú gbogbo rẹ̀ wá di ínṣì 42, gíga rẹ̀ 24. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wà ní 45, ínṣì 8 ló fi ju ẹ̀yìn àga lọ. Orí rẹ̀ á wà ní 69, àárín rẹ̀ á sì bọ́ sí 57 géérégé. Kì í fìgbà gbogbo bọ́ síbẹ̀ báyìí o. Bí ẹ̀yìn àga yín bá ga ju èyí lọ, ẹ tẹ̀ lé àga, kí ẹ jẹ́ kí 57 lọ sókè díẹ̀.

Kí ẹ tó mú hámà, ẹ tẹ́ férémù sílẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, kí ẹ tò ó bí mo ṣe wí. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ìwé ìròyìn àtijọ́ sí ìwọ̀n férémù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìka fa okùn ẹ̀yìn férémù sókè bí ẹni pé ìṣó ló gbé e, kí ẹ wọn bó ṣe jìn sí orí férémù tó, bó bá sì jẹ́ irin eléyín ló wà lẹ́yìn rẹ̀, eyín irin náà ni kí ẹ wọ̀n, kí ẹ sì fi báírò sàmì síbẹ̀ lórí ìwé. Ká ní ti bàbá jẹ́ ínṣì 3: orí rẹ̀ wà ní 69, ìṣó rẹ̀ á wà ní 66. Ẹ fi téèpù lẹ àwọn ìwé náà mọ́ ògiri, àárín àga ni kí ẹ fi ṣe àárín, kì í ṣe àárín ògiri. Fi ti bàbá sí òsì àárín yẹn, kí etí rẹ̀ fi ínṣì 1 jìnnà sí i. Ti ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ jókòó wò ó, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, àmì báírò yẹn ni kí ẹ kan ìṣó mọ́, kí ẹ wá ya ìwé kúrò.

Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń tẹ ìṣó lásán, nítorí náà ìṣó kọnkéré ni kí ẹ rà. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan ògiri kó-kó-kó: bó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù, kò ní gbé bàbá. Ẹ má kan ìṣó sókè tààrà níbi tí súwíìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, wáyà iná lè máa gba inú ògiri bọ̀ síbẹ̀ láti òkè. Fún bàbá, ìṣó méjì ni kí ẹ lò, kí wọ́n fi bíi ínṣì 10 jìnnà síra wọn, kí wọ́n sì wà ní ọgbọọgba. Ẹ yá lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà, ẹ má fi àjà wọ̀n ọ́n, nítorí àjà ilé wa kì í sábà tọ́. Bí okùn bá gba orí ìṣó méjì, kì í rọ̀ tó ti ìṣó kan, nítorí náà ìka méjì ni kí ẹ fi fà á nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kékeré, ìṣó kọ̀ọ̀kan tó wọn. Ẹ fi rọ́bà kékeré lẹ igun ìsàlẹ̀ wọn méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ fáànù má máa yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún.