Èsì: Èéfín ìkòkò tábà tí kò kọjá ẹnu

“Ẹ jọ̀ọ́, ìkòkò tábà àti sìgá ńlá oníewé ni bàbá mi ń mu. Ẹnu nìkan ni wọ́n ń fi èéfín rẹ̀ sí, wọn kì í fà á sínú. Ṣé jẹjẹrẹ lè mú wọn bíi ti onísìgá?”

Ó lè mú wọn o, ẹ̀gbọ́n. Ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tiwọn kéré sí ti onísìgá lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì ju ti ẹni tí kò mu tábà rárá lọ. Ẹnu gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́.

Èéfín sìgá kékeré máa ń kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́, nikotíìnì rẹ̀, èròjà tó ń sọ tábà di bárakú, kì í tètè gba ẹnu wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fà á dé ẹ̀dọ̀fóró. Ti ìkòkò àti sìgá ńlá ní irú agbára tó wà nínú omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó o. Nítorí èyí, awọ ẹnu ló ń gba nikotíìnì rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń tẹ́ wọn lọ́rùn láì fà á. Àmọ́ májèlé inú èéfín náà ń bà sí ẹnu, itọ́ sì ń gbé e lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Nítorí náà, ẹni tó ń mu sìgá ńlá lójoojúmọ́, ewu jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti onísìgá dọ́gba.

Ṣé wọ́n ti mu sìgá kékeré rí? Irú wọn sábà máa ń fa èéfín sínú láì fura.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ahọ́n wọn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì funfun tàbí pupa tí kò ṣeé nù kúrò, tàbí egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, kódà bí kò bá dùn wọ́n.