Pípín ìkòkò ọbẹ̀ ni mo ṣì, kì í ṣe ìròpọ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń ro kálórì gbogbo èròjà oúnjẹ mi pọ̀, màá wá fi iye abọ́ tó jáde pín in. Iye tí mò ń kọ sílẹ̀ lójúmọ́ kéré, síbẹ̀ ara mi ò fúyẹ́ láti oṣù méjì. Níbo ni mo ti ń ṣì í?"

Ẹ kú ìrọ́jú. Oṣù mẹ́ta gbáko ni èmi náà fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bó ṣe ń tánni ní sùúrù. Nígbà tí mo ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń lò nílé ìdáná, ohun tí mo rí ni pé ojú ni mo fi ń pín oúnjẹ. Mo kàn gbà pé abọ́ mẹ́fà ló wà nínú ìkòkò, mo sì ń kọ ìdá kan nínú mẹ́fà sílẹ̀ fún ara mi ní gbogbo ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkòkò ẹ̀wà kan ṣàlàyé, torí mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé lọ́jọ́ tí mo sè é. Mo wọn ẹ̀wà gbígbẹ kí n tó rẹ ẹ́ sómi, ó jẹ́ 500 gíráàmù. Ẹ̀wà gbígbẹ máa ń ní nǹkan bí kálórì 340 nínú 100 gíráàmù, nítorí náà 1,700 ni tirẹ̀. Àyà adìẹ tútù tí kò ní awọ àti eegun jẹ́ 400 gíráàmù; 120 nínú 100 gíráàmù, 480 lápapọ̀. Tòmátò 600 gíráàmù mú 108 wá, àlùbọ́sà 200 gíráàmù mú 80 wá. Òróró tí mo lò jẹ́ 100 gíráàmù, òun nìkan sì mú 884 wá. Gbogbo rẹ̀ para pọ̀ di kálórì 3,252. Omi àti iyọ̀ ò ní kálórì, nítorí náà wọn ò sí nínú ìròpọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n omi ní ìwọ̀n, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹ̀wà á fa omi mu, ooru á sì gbé omi mìíràn lọ, débi pé ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìkòkò nígbà tó bá jinná kì í bá ìwọ̀n èròjà tí ẹ kó síbẹ̀ mu. Kálórì 3,252 yẹn ò yí padà. Ohun tó gbé e ló yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọn ìkòkò lófìfo kí n tó gbé e kaná. Èyí tí mo lò lọ́jọ́ náà jẹ́ 1,250 gíráàmù láìsí ìdérí, mo sì ti kọ ọ́ sára bébà kan tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ti àwọn ìkòkò yòókù. Nígbà tí ẹ̀wà jinná, mo ká aṣọ ìnuwọ́ sí mẹ́rin, mo tẹ́ ẹ sórí òṣùwọ̀n kí ooru má bàa bà á jẹ́, mo tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí òdo, lẹ́yìn náà ni mo tó gbé ìkòkò lé e. Ẹ dúró díẹ̀ kí nọ́ńbà náà tó jókòó, torí ó máa ń fò sókè sódò. Ó dúró sí 3,650. Mo yọ 1,250 kúrò, ẹ̀wà tó wà níbẹ̀ wá jẹ́ 2,400 gíráàmù.

Tí ẹ bá fi 2,400 pín 3,252, kálórì 1.355 ló wà nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí mo ń wá látìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí mo ti ní in lọ́wọ́, mi ò tún ní láti mọ iye abọ́ tó wà nínú ìkòkò mọ́. Màá gbé abọ́ mi sórí òṣùwọ̀n, màá dá a padà sí òdo, màá bu ohun tó bá wù mí, màá sì fi 1.355 sọ ìwọ̀n rẹ̀ di púpọ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ bù ú bí mo ṣe máa ń bù ú tẹ́lẹ̀, mi ò sì wo nọ́ńbà títí mo fi bù tán. 520 gíráàmù ni. Tí abọ́ mẹ́fà bá dọ́gba, 400 gíráàmù péré ló yẹ kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kálórì 542. Tèmi jẹ́ 705. Kálórì 163 ni mi ò kọ sílẹ̀ lórí abọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì sábà máa ń jẹ nínú ìkòkò kan náà lóòjọ́. Abọ́ ọmọ mi kékeré ò tó 300 gíráàmù. Lóòótọ́ abọ́ mẹ́fà ló ń jáde, ṣùgbọ́n wọn ò fìgbà kankan dọ́gba, tèmi ló sì máa ń tóbi jù nínú wọn.

Ohun kejì tó pa mí lára ni òróró. Ṣíbí mẹ́ta ni mo máa ń kọ. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí òróró kún dé etí rẹ̀ láìkọjá jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 13 àbọ̀, kálórì 120, nítorí náà 360 ni mo máa ń kà. Àmọ́ inú ìgò ni mo ti ń dà á tààrà, mi ò fi ṣíbí kankan wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo wọn ìgò náà kí n tó dà á àti lẹ́yìn tí mo dà á tán, 100 gíráàmù ló ti dínkù. Kálórì 524 ni mo ti ń gbàgbé nínú ìkòkò kan. Nínú gbogbo èròjà tó wà nínú ìkòkò yẹn, òróró nìkan ni àṣìṣe kékeré ti ń di ńlá báyìí. Tí ẹ bá fi 100 gíráàmù ṣi tòmátò wọ̀n, kálórì 18 péré ni. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí àlùbọ́sà. Ìgò òróró ni kí ẹ máa wọ̀n.

Ẹ tún wo ìlà tí ẹ ń mú nínú tábìlì kálórì oúnjẹ tàbí lórí áàpù fóònù yín. Ẹ̀wà gbígbẹ àti ẹ̀wà sísè wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìrẹsì náà bẹ́ẹ̀. Èyí tó gbẹ máa ń wà láàárín 330 sí 370 nínú 100 gíráàmù; èyí tó ti jinná, tó ti mumi yó, máa ń wà ní nǹkan bí 130. Tí mo bá ti wọn ẹ̀wà mi ní gbígbẹ, tí mo wá mú ìlà ti sísè, 650 ni màá rí dípò 1,700. Kálórì 1,050 á pòórá, ìṣirò á sì rí bí èyí tó péye. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni pé kí ẹ wo nọ́ńbà ìparí, kálórì inú gíráàmù kan. Ìkòkò ẹ̀wà tó ki, tí òróró wà lójú rẹ̀ dáadáa, ò lè jẹ́ 0.6. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìlà sísè ni ẹ mú tàbí pé ẹ ò kọ òróró sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ara páálí ni ẹ ti ń ka nọ́ńbà, èyí tí wọ́n kọ kcal sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ mú. kJ tó wà nítòsí rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ, mo sì ti fìgbà kan ṣì í kọ dípò kcal.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó ti ń kùnà. Nọ́ńbà tábìlì jẹ́ ìpíndọ́gba, torí náà mi ò ka 705 sí ohun tó péye dé orí kálórì kan; bíi 700 ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ó sì gbà pé gbogbo ohun inú ìkòkò ti pò pọ̀ dáadáa. Òróró máa ń léfòó, nítorí náà ẹni tó bá kọ́kọ́ bù ú láìrò ó á bu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo máa ń rò ó láti ìsàlẹ̀ kí n tó bù ú, lọ́jọ́ kejì pàápàá. Adìẹ tí mo gé wẹ́wẹ́ ò fa wàhálà, àmọ́ tó bá jẹ́ ègé ńláńlá, mo máa ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò ìkòkò. Tí 400 gíráàmù yẹn bá jẹ́ ègé mẹ́jọ tó dọ́gba, kálórì 60 ni màá kọ fún ègé kọ̀ọ̀kan tí mo bá jẹ. Èyí tó kù nínú ìkòkò á di 2,772, màá sì ṣa adìẹ kúrò kí n tó wọn ìkòkò, kí ìwọ̀n rẹ̀ má bàa wà nínú èyí tí màá fi pín in. Tí ègé náà bá léegun, ìlà ẹran nìkan ni mo máa ń mú nínú tábìlì, màá wá wọn eegun tí mo jẹ kù kí n lè yọ ọ́ kúrò nínú ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgbónà lọ́jọ́ kejì. Mo fi ìdajì ìkòkò yẹn sínú fìríìjì, 1,200 gíráàmù, tí kálórì rẹ̀ jẹ́ 1,626. Nígbà tí mo gbé e kaná láìdé e, omi rẹ̀ gbẹ, ó wá ku 1,080 gíráàmù. Kálórì rẹ̀ ò dín, nítorí náà gíráàmù kan ti kúrò ní 1.355, ó ti di bíi 1.51. Tí mo bá bu 520 gíráàmù, tí mo sì ń lo nọ́ńbà àná, nǹkan bíi kálórì 80 ni màá tún pàdánù. Ní báyìí, ọjọ́ tí mo bá sè é ni mo máa ń pín gbogbo rẹ̀ sínú ike ní 400 gíráàmù, tí màá sì kọ 542 sára ìdérí kọ̀ọ̀kan. Bí omi rẹ̀ bá wá gbẹ nígbà tí mo ń gbóná rẹ̀, kálórì inú ike náà ò yí padà, mi ò sì ní láti tún un wọ̀n.