Kàlẹ́ńdà ìwé ọkọ̀, owó orí àti inṣọ́ránsì: bí mo ṣe ń ṣe tèmi

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré n'Íbàdàn, òṣìṣẹ́ mẹ́ta, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì kan tá a fi ń gbé iṣẹ́ lọ fún kọ́sítọ́mà. Ọdọọdún ni nǹkan kan máa ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, tí kì í bá ṣe inṣọ́ránsì a jẹ́ owó orí. Mo fi álámù sórí fóònù, síbẹ̀ náà ni. Báwo lẹ ṣe ń ṣètò tiyín?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó ìwé ilé iṣẹ́ wa, èmi náà ni mo tún ń bá àbúrò ọkọ mi tọ́jú ìwé bọ́ọ̀sì méjì tó ní, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé álámù kọ́ ló níṣòro, ọjọ́ tá a ń fi sínú ẹ̀ ni. Èèyàn á fi álámù sí ọjọ́ tí ìwé máa kú gan-an, nígbà tó bá máa dún, gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn ti ṣe ṣáájú ọjọ́ yẹn ti pẹ́ jù.

Ẹ kó gbogbo ìwé yín sórí tábìlì, kí ẹ pín in sọ́nà méjì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù rárá. Ọ̀nà kìíní ni àwọn tí òfin ti dá ọjọ́ fún, tí ọjọ́ yẹn kì í yẹ̀, yálà ẹ tètè ṣe ti ọdún tó kọjá àbí ẹ pẹ́. Fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín, mẹ́ta ló ṣe kókó níbẹ̀. 31 Jánúárì ni ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fún ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ ní àkọsílẹ̀ PAYE ti ọdún tó kọjá, ìyẹn iye tẹ́ ẹ san fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye owó orí tẹ́ ẹ yọ níbẹ̀. 31 Máàṣì ni ti ẹ̀yin fúnra yín, ohun tó wọlé fún yín lọ́dún tó kọjá. 30 Júùnù ni ti CAC, ìyẹn Annual Returns, tó bá jẹ́ pé orúkọ bísínẹ́ẹ̀sì lásán lẹ fi sílẹ̀, ọdún tẹ́ ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ nìkan ni kò kàn. (Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnì Limited ni, tọ̀hún kì í ṣe 30 Júùnù o, ìpàdé ọdọọdún kọ́ńpìnì ni wọ́n fi ń kà á, ẹ jẹ́ kí akáńtáńtì yín bá yín wò ó.) Ti CAC yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í kà á sí torí pé kò sẹ́ni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wá béèrè ẹ̀. Ọjọ́ tí báńkì bá yẹ orúkọ yín wò lórí ẹ̀rọ CAC tí wọ́n bá INACTIVE níwájú ẹ̀ lẹ máa mọ̀, ìgbà yẹn ló sì máa ń jẹ́ pé owó kan tó ṣe pàtàkì lẹ ń wá.

Ọ̀nà kejì ni àwọn tí ọjọ́ wọn wà lórí ìwé fúnra ẹ̀: inṣọ́ránsì, lísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé àyẹ̀wò tí àwọn VIO ń fúnni tá à ń pè ní róòdù-wọ́dì, àti lísẹ́ǹsì dẹ́rẹ́bà. Àwọn wọ̀nyí máa ń yí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é lọ́dún yìí ló máa pinnu ọjọ́ tó máa kú lọ́dún tó ń bọ̀. Ibí ni kàlẹ́ńdà ti máa ń parọ́ fún èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀sì àbúrò ọkọ mi. Inṣọ́ránsì ẹ̀ ń kú ní 13 Ọ́gọ́ọ̀sì, ó sì ti fi í sórí fóònù pé kó máa ran òun létí lọ́dọọdún. Lọ́dún kan, ejẹ́ńtì tó ń bá a ṣe pátíkúlà tètè ṣe gbogbo ẹ̀ ní 22 Júláì, ó gbé ìwé tuntun wá, inú gbogbo wa dùn pé nǹkan ti parí. Ṣùgbọ́n 22 Júláì yẹn ni ejẹ́ńtì ní kí wọ́n kọ pé inṣọ́ránsì tuntun bẹ̀rẹ̀, kò sọ fún wọn pé kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ti àtijọ́ parí. Ìyẹn ni pé ó máa kú ní 21 Júláì ọdún kejì, fóònù sì ṣì ń dúró de 13 Ọ́gọ́ọ̀sì. Láàárín ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀sì lọ họ mọ́tò ẹnì kan lára nítòsí Mókólá, wọ́n ní kó mú inṣọ́ránsì jáde, wọ́n kà á, ó ti kú. Látìgbà tí owó third party ọkọ̀ àdáni ti di ₦15,000 ní Jánúárì 2023, wọ́n sọ pé ó lè sanwó ohun ìní ẹlòmíì tó bá bà jẹ́ títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àpò ara ẹ̀ ló fi ra páńẹ̀lì mọ́tò onímọ́tò, tó fi sanwó pẹ́ńtà, ó dùn mí títí dòní torí ó sanwó inṣọ́ránsì yẹn pé pérépéré.

Torí náà, tó bá jẹ́ ìwé ọ̀nà kìíní, ẹ jẹ́ kí kàlẹ́ńdà máa tún un ṣe fúnra ẹ̀ lọ́dọọdún. Tó bá jẹ́ ọ̀nà kejì, ẹ má fi í sí àtúnṣe ọdọọdún rárá. Ẹ fi sí ẹ̀ẹ̀kan péré, ọjọ́ tí ìwé tuntun bá dé ọwọ́ yín kẹ́ ẹ ka ọjọ́ tó wà lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ka ìlà tó sọ ìgbà tó parí o, ẹ má fi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ kún ọdún kan lórí ara yín. Inṣọ́ránsì tó bẹ̀rẹ̀ ní 14 Ọ́gọ́ọ̀sì, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì ló ń parí, tẹ́ ẹ bá lọ kọ 14 sílẹ̀, ọjọ́ kan gbáko ni mọ́tò yín máa fi rìn láìní nǹkan kan lórí.

Ó wá ku kíka ọjọ́ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀sì yín ṣe àpẹẹrẹ, ká ní inṣọ́ránsì àti lísẹ́ǹsì ọkọ̀ jọ ń kú ní 13 Ọ́gọ́ọ̀sì. Inṣọ́ránsì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú torí wọ́n á béèrè èyí tó ṣì wà láàyè tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ lísẹ́ǹsì dọ̀tun. Bákan náà, kò sí àwìn nínú inṣọ́ránsì, òfin inṣọ́ránsì ló sọ ọ́ pé tówó ò bá tíì wọlé, kò sí ààbò, bó ti wù kí ejẹ́ńtì ṣèlérí fún yín tó. Èmi á kọ 13 Júláì sílẹ̀ pé "béèrè iye inṣọ́ránsì bọ́ọ̀sì, wá owó ẹ̀." 27 Júláì: "san án, kó bẹ̀rẹ̀ ní 14 Ọ́gọ́ọ̀sì." Ọ̀rọ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí ti àtijọ́ parí yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà gan-an, kí ẹni tó bá ń bá yín ṣe é lè rí i. 30 Júláì: "tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí askniid.org." Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ń kó orúkọ ọkọ̀ tó ní inṣọ́ránsì tòótọ́ sí, tí ọkọ̀ yín ò bá jáde, ẹ má gbé bébà yẹn rìn, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín nígbà tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni lísẹ́ǹsì ọkọ̀ á wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Ọ́gọ́ọ̀sì. Róòdù-wọ́dì, ẹ wo ìwé yín dáadáa: tó bá jẹ́ ọkọ̀ àdáni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, tó bá jẹ́ ti òwò, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni, ìyẹn ni pé ìgbà méjì ló máa yọjú lórí kàlẹ́ńdà yín lọ́dún.

Ti owó orí náà, kíkà sẹ́yìn ló wà ńbẹ̀. 31 Jánúárì dà bí ọjọ́ tó jìnnà lójú ẹni tó ń ṣọdún Kérésì, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò nọ́ńbà owó orí òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àwọn rìsíìtì PAYE oṣooṣù tẹ́ ẹ ti san, òṣìṣẹ́ tó bá sì ti fi yín sílẹ̀ láti Júùnù, ẹ ṣì máa wá a kàn. Ọ̀sẹ̀ kejì Dìsẹ́ńbà ni mo máa ń fi ìyẹn sí. Fún 31 Máàṣì, ọ̀sẹ̀ kẹta Jánúárì ni mo ń béèrè sítétímẹ́ǹtì báńkì, tí mo sì ń kó rìsíìtì ìnáwó jọ.

Tẹ́ ẹ bá ń lo Google Calendar, ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìránilétí tó wà lábẹ́ Add notification kì í kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ò lè sọ fún un pé kó ránṣẹ́ sí yín ní oṣù méjì ṣáájú 31 Máàṣì, kò ní gbà. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ dá ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó ní orúkọ tiẹ̀, kẹ́ ẹ yí Does not repeat padà sí ti ọdọọdún. Ẹ tún ṣí kàlẹ́ńdà ọ̀tọ̀ fún àwọn ìwé wọ̀nyí, kó ní àwọ̀ tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn sí i, kóun náà sì fi ìránilétí tiẹ̀ sí i, kí fóònù tiẹ̀ náà lè máa dún. Fóònù tó ń pa áàpù kó lè tọ́jú bátìrì máa ń gbé ìránilétí mì, ẹ lọ sí sẹ́tín bátìrì kẹ́ ẹ yọ Calendar kúrò nínú àwọn tó ń pa.

Èyí tó tún ń dun èèyàn ni pé ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ sínú kàlẹ́ńdà á kọjá lọ bóyá ẹ ṣe é o, bóyá ẹ ò ṣe é o. Kò ní padà wá bi yín. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ohun tó jẹ́ sísan àti fífi ránṣẹ́ sí Tasks dípò Event, torí Task tẹ́ ẹ ò bá tíì fọwọ́ sí pé ó parí á ṣì wà níbẹ̀, á máa wò yín. N kì í sì í fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí mo sanwó o. Ó di ìgbà tí rìsíìtì tàbí ìwé tuntun bá wà lọ́wọ́ mi, tí mo ti ya fọ́tò ẹ̀, tí mo ti kọ nọ́ńbà ẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀, tí mo sì ti kọ ọjọ́ tó máa kú lọ́dún tó ń bọ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ejẹ́ńtì ló sọ fún mi lórí fóònù pé "màdáàmù, ó ti wọlé," kò tíì parí nìyẹn.

Lísẹ́ǹsì dẹ́rẹ́bà yín, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ló ń gbé, ìyẹn ló fi rọrùn láti gbàgbé, kò sì sí ẹni tó lè bá yín lọ ya fọ́tò àti tẹ̀ka. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni kẹ́ ẹ fi í sí. Tí dẹ́rẹ́bà yín bá ní tiẹ̀, ẹ fi tiẹ̀ náà síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ kọ ọjọ́ ìparí tó wà lórí inṣọ́ránsì, lísẹ́ǹsì àti róòdù-wọ́dì bọ́ọ̀sì yẹn síbí, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá wọ́n kọ ọ́ ní ọkọ̀ àdáni tàbí ti òwò, màá bá yín ka ọjọ́ wọn sẹ́yìn. Ẹ má kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i o.