Lẹ́tà sí iléèwé fún ọmọ tó wọ píòpí lẹ́sẹ̀

"Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ṣubú níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, eegun ojúgun rẹ̀ kán, wọ́n sì ti de píòpí fún un láti ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé itan. Mọ́ńdè ló máa padà sí iléèwé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni kíláàsì wọn. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn, mi ò mọ ohun tí màá bèèrè gan-an. Ìbàdàn la wà."

Ẹ pẹ̀lẹ́ o màmá, Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn. Irú píòpí tó dé itan yìí náà ni wọ́n dè fún ọmọ mi obìnrin nígbà tiwa, apá Mọ́kọ́lá níbí la wà, nítorí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ ni "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fojú sí ọmọ mi". Wọ́n á kà á, wọ́n á ní a ti gbọ́ mà, ẹ má ṣèyọnu, ó parí nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Tíṣà kíláàsì lè mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tó mú pàṣán dání níbi àsẹ́ḿbílì, kò rí lẹ́tà kankan, ó kàn máa ní kí gbogbo kíláàsì kúnlẹ̀ torí wọ́n ń pariwo ni, ọmọ yín náà á sì máa wá bó ṣe máa kúnlẹ̀ torí pé ẹ̀rù ń bà á. Ó ṣẹlẹ̀ sí tèmi. Ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe é àti ìgbà tó máa parí.

Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Kó gùn kọ́, kó ṣáà sọ bóyá ẹsẹ̀ yẹn lè tẹlẹ̀ tàbí kò gbọ́dọ̀ tẹlẹ̀ rárá, pé kírọ́ọ̀ṣì ló máa fi rìn tàbí kẹ̀kẹ́ arọ, àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tún ya ẹ́síréè. Ọjọ́ ẹ́síréè yẹn ni kẹ́ ẹ fi sínú lẹ́tà, ẹ má kọ "títí ara rẹ̀ á fi yá", torí iléèwé máa ń gbà wẹ́rẹ́ bí wọ́n bá rí i pé nǹkan náà lópin. Ojúgun ọmọdé sábà máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó jinná, ṣùgbọ́n dókítà yín nìkan ló lè sọ ti ọmọ yín.

Àtẹ̀gùn ló le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Píòpí tó dé itan kì í jẹ́ kí orúnkún ká, kò dà bí èyí tó mọ sí abẹ́ orúnkún tí ọmọ ṣì lè fi kírọ́ọ̀ṣì gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ má dààmú, pé geetímáànù máa máa gbé e gòkè láràárọ̀. Ẹ má gbà. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e bá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, pàápàá nígbà òjò, àwọn méjèèjì ló máa ṣubú, ọmọ tó sì wà lórí kò ní lè fi ẹsẹ̀ gba ara rẹ̀ dúró. Ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè ni pé kí kíláàsì wọn ṣe pààrọ̀ yàrá pẹ̀lú kíláàsì tó wà nísàlẹ̀, gbogbo kíláàsì o, àga àti bẹ́ńṣì ò ní kúrò níbi tó wà, àwọn ọmọ nìkan ló máa gbé báàgì wọn.

Ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ kó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tí iléèwé tiwa kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gbé ọmọ mi sí ọ́fíìsì nísàlẹ̀ kó máa da nóòtù kọ. Inú mi kọ́kọ́ dùn, àṣé ìṣirò tí wọ́n ń ṣàlàyé lójú pátákó lókè, kò gbọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀. Nóòtù pé pérépéré, kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tẹ́ẹ̀sì dé, ó bú sẹ́kún.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn ìyá kì í rántí ẹ̀ nítorí pé nílé àwa fúnra wa là ń ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ ò ká kò lè lóṣòó, tó bá sì jẹ́ pé èyí tí wọ́n ń lóṣòó sí ló wà fáwọn ọmọ, ti àwọn tíṣà tó ní ìjókòó lẹ máa tọrọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ọmọ mọ̀ lórúkọ. Bí kò bá sí ètò, ọmọ ò ní sọ fún yín o, á kàn dẹ́kun omi mímu ni. Bẹ́ ẹ bá rí i tí ike omi rẹ̀ ń padà wálé bó ṣe lọ, tó ń sáré tọ̀ gbàrà tó bá wọlé, ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, ẹ lọ bá wọn.

Ìjókòó náà wà ńbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá ń rọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán máa wú, píòpí ò sì ní fẹ̀ fún un, ìyẹn ló ń fa ìrora tí wọ́n fi ń sunkún lọ́sàn-án. Àga kejì ní iwájú rẹ̀ àti ìrọ̀rí kan lórí ẹ̀, kẹ́sẹ̀ ga, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé ìrọ̀rí lọ. Kó jókòó ní ìparí ìlà, lápá ibi tí ẹsẹ̀ náà ti lè nà láìdí ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ lù ú.

Ẹ wo bí mo ṣe máa kọ ọ́ ká ní èmi ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ gbé e sí òyìnbó, kò burú:

"Sí Ọ̀gá Àgbà Iléèwé. Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Èmi ni ìyá (orúkọ ọmọ) tó wà ní Pírámárì 4. Eegun ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán, wọ́n sì ti fi píòpí dè é dé itan. Ìwé dókítà wà nínú lẹ́tà yìí: kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ títí di ọjọ́ (ọjọ́ ẹ́síréè), lẹ́yìn ìgbà náà màá mú ìwé tuntun wá.

Mo bẹ̀ yín pé kí kíláàsì rẹ̀ lo yàrá kan nísàlẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn, kó lè máa kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì ṣe ìdánwò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún un ní ìjókòó ní ìparí ìlà àti àga kan láti gbé ẹsẹ̀ lé, màá gbé ìrọ̀rí wá. Ẹ jẹ́ kó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ ẹni tó máa máa bá a lọ fún mi. Kó jókòó ní àsẹ́ḿbílì, kó má ṣe eré ìdárayá, kó má gbálẹ̀, kó má roko, kí ẹnikẹ́ni má sì ní kó kúnlẹ̀ tàbí kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìyà. Bí ó bá ṣẹ̀, ẹ pè mí. Kó jáde kúrò ní kíláàsì ṣáájú àwọn yòókù bí ìṣẹ́jú 5 nígbà bíréèkì àti nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ sílé, kí ọmọ kan máa bá a gbé báàgì.

Bí ó bá ní ẹsẹ̀ náà ń ro òun gan-an tí kò sì dẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e sókè, tàbí tí ọmọ ìka rẹ̀ wú, tó tutù, tó dúdú tàbí tó funfun, tí kò lè mì wọ́n tàbí tí wọ́n kú tipiri, ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí iléèwé máa parí, ẹ má sì fi nǹkan ki inú píòpí náà. Nọ́ńbà mi àti ti bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣeun mà."

Ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má yọ ọ́ kúrò o. Bí ẹsẹ̀ bá wú nínú píòpí tó há, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé ìsàlẹ̀ dáadáa, wákàtí díẹ̀ péré ló sì tó kí ẹran ara bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tíṣà tí kò mọ̀ á fún un ní parasitamọ́ọ̀, á ní kó fi orí lé tábìlì, á rò pé ọmọ kàn ń ṣọ̀lẹ ni. Fífi rúlà ha inú píòpí, ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń bá wọn wá rúlà yẹn, á bó awọ lára, egbò á wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí i títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, kí wọ́n bá yín fọwọ́ sí ọ̀kan pé àwọn gbà á, kẹ́ ẹ mú òmíràn fún tíṣà kíláàsì, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri ní yàrá àwọn tíṣà. Ẹ má gbé e fún ọmọ kó bá yín fún wọn. Ẹ lọ lọ́jọ́ Fúráídè ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí yàrá tí wọ́n máa pààrọ̀, wọn ò lè ṣètò ẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè nígbà tí àwọn ọmọ bá ti wọlé. Bí ìyá oníléèwé bá ní kò sí àyè nísàlẹ̀, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ jọ wo àwọn yàrá náà, ní tiwa yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti bàjẹ́ sí ni wọ́n padà gbá fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ńkọ́? Maruwa dára ju ọ̀kadà lọ pátápátá, ṣùgbọ́n kí ẹ san owó ìjókòó ẹ̀yìn gbogbo kí ẹsẹ̀ lè nà gbọọrọ. Micra náà dáa bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló wà. Ní ti òjò, ọ̀rá ni kẹ́ ẹ fi we píòpí kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ tú u gbàrà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kó má baà làágùn. Ẹ máa wo ìdí rọ́bà kírọ́ọ̀ṣì náà, tó bá ti jẹ tó dán, ó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ lórí sìmẹ́ǹtì tútù ni, rọ́bà tuntun wà fún títà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ìwòsàn.

Yúnífọ́ọ̀mù: kí télọ̀ tú ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò ẹsẹ̀ yẹn láti ìsàlẹ̀ dé itan, kó lẹ fẹ́líkúrò mọ́ ọn, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan kún lẹ́tà náà pé bàtà ẹsẹ̀ kan ló máa máa wọ̀, kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì má dá a padà.