Ẹ kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó fi ìmójì sí i

*"Ẹ jọ̀ọ́, ìkéde tí mo kọ fún ẹgbẹ́ wa dára lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ wọ́n ní ó ṣù pọ̀ lórí fóònù. Mo wá fi ìmójì sí i, wọ́n tún ní ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni kí n ṣe?"*

Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń kọ ọ́ ló ń tàn yín jẹ. Ìlà kan lórí fóònù kì í sábà gbà ju ọ̀rọ̀ 7 tàbí 8 lọ, nítorí náà ìpínrọ̀ tó gba ìlà 4 lójú kọ̀ǹpútà lè di ìlà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Bí ẹni tó ń kà á bá gbójú kúrò díẹ̀, kò ní mọ ibi tó kà dé mọ́. Ìmójì kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni kí ẹ ti là á sí ìpínrọ̀: ibi tí ẹ ti sọ ọjọ́ tán tí ẹ fẹ́ sọ ohun tí wọ́n máa mú wá. Gbólóhùn 2 tàbí 3 tó fún ìpínrọ̀ kan; èyí tó ṣe pàtàkì nìkan ló lè dá wà. Àwọn kan máa ń fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí gbogbo rẹ̀ á rí bákan náà lójú, kò sì ní sí èyí tó ṣe pàtàkì ju èkejì lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ tẹ Enter, kí ìlà òfìfo kan wà láàárín. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ tẹ̀ ẹ́, tí ìlà tó kẹ́yìn sì gùn dé etí fóònù, ojú kò ní rí i pé ẹ là á rárá. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo Markdown, ìyẹn àwọn àmì tí wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀, Enter ẹ̀ẹ̀kan sábà máa ń so ìlà méjèèjì pọ̀ ni. Ẹ má sì fi Enter gé ìlà láàárín gbólóhùn kó lè gún régé lójú kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù, ẹ ó rí ìlà gígùn kan, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ 2 tó dá wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà gígùn míì. Bí ẹ bá rí irú èyí, Enter tó wà láàárín gbólóhùn ló fà á.

Ẹ wo irú ìkéde báyìí:

> Ìpàdé wa ti Sátidé ti yí sí Sọ́ńdè ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́ nítorí gbọ̀ngàn kò ṣófo, kí kálukú mú ìwé ẹgbẹ́ wá, a ó yan akápò tuntun, ẹni tí kò bá lè wá kó sọ fún akọ̀wé kó tó di Fúráìdè.

Bí mo ṣe máa là á nìyí:

> 📅 Ìpàdé Sátidé ti yí sí Sọ́ńdè, agogo 4 ìrọ̀lẹ́.
>
> Gbọ̀ngàn kò ṣófo ní Sátidé. A ó yan akápò tuntun ní Sọ́ńdè náà.
>
> 📒 Kí kálukú mú ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ wá.
>
> ⚠️ Ẹni tí kò bá lè wá, kó sọ fún akọ̀wé kó tó di Fúráìdè.

Ìmójì 3 péré ni, iwájú ìlà ni gbogbo wọn wà, torí ẹ̀gbẹ́ òsì ni ojú máa ń gbà wálẹ̀ bí èèyàn bá ń wá nǹkan. Èyí tí ẹ bá fi sí ìparí gbólóhùn á kàn bọ́ síbi tí ìlà bá gé sí. Ìpínrọ̀ kejì kò ní ìmójì kankan, torí àlàyé lásán ni. Kò sẹ́ni tó máa padà wá a.

Ẹ pa gbogbo ìmójì rẹ́ kí ẹ tún un kà. Bí nǹkan kan bá dín nínú ìtumọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ nǹkan náà. Orúkọ ìmójì ni TalkBack àti VoiceOver máa ń pè sókè fún àwọn tí kò ríran, nítorí náà ẹni tó bá to 🔥 bíi mẹ́wàá jọ ń fi ariwo dá wọn lágara ni. Lórí fóònù àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, àpótí òfìfo ni ìmójì tuntun máa ń dà.

Ẹ má fi ìkíni gígùn ṣíwájú. Níbi púpọ̀, ìlà díẹ̀ ló máa ń hàn kí ìyókù tó sá pamọ́, ìlà òfìfo sì lè jẹ nínú àyè yẹn.

Tó bá jẹ́ WhatsApp lórí kọ̀ǹpútà lẹ ti ń kọ ọ́, Shift + Enter ni kí ẹ tẹ̀, torí Enter nìkan á fi ìdajì ìkéde ránṣẹ́. Lórí Android, bí Enter bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Chats, kí ẹ pa "Enter is send".