Àkọsílẹ̀ olópòó méjì fún fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sọ́fítíwià

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo máa ń ṣe fídíò tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè lo sọ́fítíwià. Mo ya àkọsílẹ̀ mi sí òpó méjì, ọ̀rọ̀ lápá kan, àwòrán lápá kejì. Síbẹ̀, ẹnu mi á ti kọjá ibi tí máòsì wà, tàbí kí máòsì ti ṣiṣẹ́ tán kí n tó sọ̀rọ̀ débẹ̀. Báwo ni kí n ṣe tò ó kí méjèèjì lè máa rìn pọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ òpó ojú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó kọ òpó ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán bí ẹni ń kọ lẹ́tà, kí a tó máa wá àwòrán tí a ó fi dí òpó kejì. Nígbà náà, ibi tí gbólóhùn bá parí sí ni ìlà àkọsílẹ̀ náà ń parí sí, bẹ́ẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kì í dúró de gbólóhùn kó tó yí padà. Ẹ jókòó, kí ẹ ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì fún àyípadà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí ní ìlà tirẹ̀. Mẹ́nù tó ń ṣí láti inú mẹ́nù mìíràn nìkan ni mo máa ń jẹ́ kó bá ìyá rẹ̀ gbé inú ìlà kan, nítorí pé ọwọ́ kan náà ló ń ṣí méjèèjì. Àtẹ gidi ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fi àlàfo lásán ya òpó méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ bá fi kún apá kan á da gbogbo ìsàlẹ̀ rú.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ: bí a ṣe lè mú kí àkọlé dúró lókè nínú LibreOffice Calc nígbà tí a bá ń yí àtòjọ gígùn lọ sísàlẹ̀. Bí mo ṣe máa tò ó rèé.

| Ojú kọ̀ǹpútà | Ohùn |
|---|---|
| 1. Àtòjọ ọjà, fáìlì oja.ods, ti wà ní ṣíṣí ní ìwọ̀n 100%, ìlà àkọlé hàn lókè. Máòsì dúró sí àárín. | Àkọlé ló ń sọ ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan wà fún. |
| 2. Yí i lọ sísàlẹ̀ dé ìlà 60. Àkọlé kúrò lójú. | Ṣùgbọ́n bí àtòjọ bá gùn, a kì í rí i mọ́, a kò sì ní mọ èwo ni iye ọjà, èwo ni iye owó. |
| 3. Tẹ Ctrl+Home. Àtòjọ padà sókè. | ÌDÁKẸ́, ìṣẹ́jú àáyá 2. |
| 4. Ṣí View, gbé máòsì sórí Freeze Cells. Mẹ́nù kejì ṣí. | Kí àkọlé má bàa kúrò mọ́, ẹ lọ sí mẹ́nù tó wà lókè pátápátá, ẹ ṣí View, kí ẹ sì yan Freeze Cells. |
| 5. Tẹ Freeze First Row. Ìlà tín-ín-rín hàn lábẹ́ àkọlé. | Nínú mẹ́nù tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ Freeze First Row. |
| 6. Yí i lọ sísàlẹ̀ dé ìlà 60. Àkọlé dúró. | ÌDÁKẸ́, ìṣẹ́jú àáyá 3. Ibi yòówù tí a bá dé nínú àtòjọ, a ṣì ń rí àkọlé. |

Ẹ wo bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ ìlà kẹrin: ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan náà ló ṣáájú, ibi tí ó wà ló tẹ̀ lé e, orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà ló sì kẹ́yìn. Ká ní mo kọ ọ́ pé «Ẹ yan Freeze Cells, tó wà nínú View, kí àkọlé má bàa kúrò», ojú ẹni tó ń wò á ti máa wá Freeze Cells kiri kó tó gbọ́ ibi tó wà, máòsì á sì ti tẹ̀ ẹ́ kó tó rí i. Ohùn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ọwọ́. Mo máa ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ náà nínú òpó ohùn, kí ẹni tó ń di máòsì mú lè mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu tán kí òun tó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbé aago sílẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ gan-an, kí ẹ tún fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ìlà náà lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú àáyá méjèèjì síbẹ̀. Èyí tó gùn jù ni gígùn ìlà náà. Bí ọ̀rọ̀ ìlà kejì bá gba ìṣẹ́jú àáyá 7, tí yíyí àtòjọ sì gba 3, kò sí wàhálà, nítorí òfìfo tí àkọlé fi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń ṣàlàyé fún ẹni tó ń wò. Ṣùgbọ́n bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, mo máa ń gé ọ̀rọ̀ náà kù, tàbí kí n gbé apá kan rẹ̀ lọ sí ìlà tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, ọwọ́ ló máa ń gùn ju ẹnu lọ, bí ìgbà tí sọ́fítíwià ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ dí i. Ẹ kọ GÉ sínú òpó ojú kọ̀ǹpútà, ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ hàn, ó tó. ÌDÁKẸ́ pàápàá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀, nítorí àpótí tó bá ṣófo, ẹlòmíràn á rò pé ẹ gbàgbé ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo kọ́kọ́ kọ sí ìlà kẹfà tí mo padà pa rẹ́: «Bí ẹ ti ń rí i, mo ń yí àtòjọ lọ sísàlẹ̀.» Ojú ti rí ìyẹn. Iṣẹ́ ohùn níbẹ̀ ni láti sọ ohun tí àyípadà náà túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí èyí sọ gbogbo iṣẹ́ di ti ojú: «ẹ tẹ ibí yìí» kò ṣe ẹni tí kò ríran ní àǹfààní kankan, kò sì wúlò fún ẹni tó ń tẹ́tí sí wa bí ó ti ń ṣiṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ìwé bo òpó ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ ka òpó ohùn nìkan. Ibi tí ẹ bá ti rí «ibí yìí» tàbí «èyí», ẹ fi orúkọ rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bo òpó ohùn, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà ní òpó ojú kọ̀ǹpútà kó ṣe é lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ibi tó bá dúró sí ni nǹkan ti kù, èyí tó sì sábà máa ń kù ni ipò ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí: mo ya ìdajì fídíò lọ́jọ́ kan, mo ya ìyókù lọ́jọ́ kejì, n kò sì kọ ìwọ̀n tí mo fẹ àtòjọ dé sílẹ̀. Nígbà tí mo so méjèèjì pọ̀, àtòjọ náà ṣàdédé kéré láàárín gbólóhùn, mo sì ní láti tún ìdajì kejì yà látòkèdélẹ̀. Láti ìgbà náà, ìlà àkọ́kọ́ mi kì í ṣàìní orúkọ fáìlì, ìwọ̀n tí a fẹ̀ ẹ́ dé àti ibi tí máòsì wà.

Ní ti gbígbà á sílẹ̀, ẹ má ṣe ohùn àti ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ gba ohùn, ìlà kan sínú fáìlì kan, kí nọ́ńbà fáìlì bá ti ìlà mu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbohùngbohùn sétí, ẹ jẹ́ kí ohùn yín máa sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa fi máòsì tẹ̀ lé e. Bí ìlà kẹrin bá bàjẹ́, ìlà kẹrin nìkan lẹ máa tún ṣe.